"Ẹ" mẹ́rin, ọ̀wọ̀ kan: nígbà tí a bá ń kọ̀wé sí ìmáàmù àgbà

Ìyàwó àbúrò mi ọkùnrin bímọ láìpẹ́ yìí, àbúrò mi sì fẹ́ fi wásáàpù pe ìmáàmù àgbà àdúgbò wọn síbi ìsọmọlórúkọ. Kó tó fi ránṣẹ́, ó ní kí n bá òun yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tó kọ rèé:

"Alhaji, Àlùfáà, Ìmáàmù Àgbà, bàbá wa ọlọ́lá jùlọ, Àsàlámù àlékùn o. Mo ní kí n kí ẹ ni. Jọ̀wọ́, ọjọ́ Alàmísì la máa sọ ọmọ mi lórúkọ, mo sì fẹ́ kí ẹ wá ṣàdúà fún wa. Mo máa wá sọ́dọ̀ ẹ lọ́la. Kí Ọlọ́run bùkún ẹ. O ṣé."

Mo ní ọ̀rọ̀ náà kò ní ọ̀wọ̀. Ó ya ọmọkùnrin náà lẹ́nu. "Ṣé ẹ ò rí gbogbo oyè tí mo tò síwájú ni? Ẹ̀mẹrin ni mo sì pe bàbá ní 'ẹ'!"

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìnà. A gbà pé níbi tí "ẹ" bá ti wà, a ti bọ̀wọ̀ fágbà, pé oyè tí a kó jọ ló sì máa parí ìyókù. Ṣùgbọ́n "ẹ" méjì ló wà lẹ́nu wa. Èyí tó ń ṣáájú ọ̀rọ̀-ìṣe ni tàgbà: ẹ wá, ẹ jókòó, ẹ ti jẹun. Èyí tó ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀-ìṣe, tàbí tó ń tẹ̀lé "fún", "sí" àti "ọ̀dọ̀", ti ẹgbẹ́ ẹni àti ti ọmọdé ni: mo rí ẹ, mo rà á fún ẹ. Ibi tí èyí bá wà, "yín" ló yẹ àgbà: mo rí yín, mo rà á fún yín.

Ẹ wá fi ojú yìí wo iṣẹ́ àbúrò mi. "Mo fẹ́ kí ẹ wá" dára, nítorí bàbá ni yóò wá, "ẹ" sì wà níwájú "wá". "Kí n kí ẹ" kò dára, nítorí bàbá ni à ń kí. Lẹ́tà kan náà ni "kí ẹ" méjèèjì, ìdí nìyẹn tí ojú fi ń fò ó. "Sọ́dọ̀ ẹ" àti "bùkún ẹ" kò yàtọ̀ sí ti ìkíni yẹn. Nínú "ẹ" mẹ́rin, ẹyọ kan ṣoṣo ló bọ̀wọ̀. Bí o bá ń ṣiyèméjì, fi "yín" dípò rẹ̀ kí o sì kà á sókè. "Mo fẹ́ kí yín wá" kò ní bọ́ sétí rárá. "Mo ní kí n kí yín" á dùn ún gbọ́.

"Jọ̀wọ́" àti "o ṣé" náà ń tanni jẹ. Ẹ̀bẹ̀ àti ọpẹ́ ni wọ́n, wọ́n sì dà bí ohun ìrẹ̀lẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnì kan tó jẹ́ ẹgbẹ́ wa là ń sọ wọ́n sí. "Ẹ jọ̀wọ́" àti "ẹ ṣé" ni tàgbà. "Ó dàbọ̀" kò sí lára wọn ní tirẹ̀. "Ó" ibẹ̀ kì í ṣe ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀, nítorí náà ẹ lè sọ ọ́ fún ọba.

Àwọn kan á ní, "Bíbélì ń pe ọba ní ìwọ." Bẹ́ẹ̀ ni o, Nátánì ní "Ìwọ ni ọkùnrin náà" fún Dáfídì, a sì ń pe Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ní "Ìwọ" nínú àdúrà. Èdè ìwé mímọ́ nìyẹn, kì í ṣe bí a ṣe ń bá bíṣọ́ọ̀bù sọ̀rọ̀. Àwọn ẹ̀ka-èdè kan sì wà, bíi ti Oǹdó, tí kì í fi "ẹ" ya àgbà sọ́tọ̀ nínú ilé. Ṣùgbọ́n Yorùbá àjùmọ̀lò la fi ń kọ̀wé sí ẹni tí a kò bá dọ́rẹ̀ẹ́.

Ní ti oyè, èyí tí wọ́n fi jẹ́ nìkan ti tó. Ìmáàmù àgbà ni bàbá yìí, kí ni a tún ń wá "Àlùfáà" lọ? "Alhaji" sì jẹ́ ti ẹni tó ti lọ Mẹ́kà. Baálẹ̀ abúlé kọ́ ni "Kábíyèsí", aládé ló ni ín, "Ikú Bàbá Yèyé" sì jẹ́ ti Aláàfin Ọ̀yọ́. Oríkì ẹlòmíì tí a fi kí ènìyàn lè mú un bojú wẹ̀yìn.

Ohun tí àbúrò mi fi ránṣẹ́ nígbẹ̀yìn nìyí:

"Bàbá wa Ìmáàmù Àgbà, Àsàlámù àlékùn. Mo ní kí n kí yín ni, sà. Ọjọ́ Alàmísì la máa sọ ọmọ wa lórúkọ. Ẹ jọ̀wọ́, a bẹ̀bẹ̀ kí ẹ wá ṣàdúà fún un. Bí ààyè bá wà, màá wá sọ́dọ̀ yín lọ́la láti wá fi ẹnu ara mi sọ ọ́. Kí Ọlọ́run bùkún yín. Ẹ ṣé, sà."

Nígbà tí bàbá dáhùn pé àwọn ń bọ̀, àbúrò mi sáré kọ ọ́ sí gbàgede wásáàpù ẹbí wa: "Ìmáàmù ní ó ń bọ̀ o!" Mo tún pè é pada: "wọ́n ń bọ̀", ọ̀gá, "wọ́n".