Ìdí tí sáfà fi ń jẹ́ ará ọ́fíìsì lóhùn tí kò jẹ́ ará ìta lóhùn

Ní ọ́fíìsì kan ní Ìbàdàn tí mo ń bá bójú tó kọ̀ǹpútà, a gbé sáfà kékeré kan kalẹ̀ tí àkọsílẹ̀ ọjà inú sítọ́ọ̀ wà lórí rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá wà lórí Wáífáì ọ́fíìsì, bí ó bá ti tẹ `http://192.168.1.20`, ojú ìwé náà yóò yọ lójú ẹsẹ̀. Ọ̀gá, tí ó wà ní Abẹ́òkúta, kàn ń wo ibi tí fóònù rẹ̀ ti ń yí lásán ni.

Àdírẹ́sì abẹ́lé ni 192.168.1.20. Àìmọye ilé àti ọ́fíìsì ló ń lo irú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì sí ọ̀nà kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí ó ń gbé e kọjá. Ohun tí ará ìta lè rí ni àdírẹ́sì ráútà. Nígbà tí ẹni tí ó wà nínú ilé bá béèrè nǹkan lóde, ráútà á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹni báyìí ló béèrè, kí ó lè mọ ẹni tí yóò gbé èsì fún. Ẹni tí ó bá ti ìta wá láìjẹ́ pé a pè é kò sí nínú àkọsílẹ̀ yẹn, nítorí náà ráútà á da ohun tí ó mú wá nù. Ibi tí wọ́n kọ `Port Forwarding` sí lójú ráútà ni a ti ń pàṣẹ fún un pé kí ó mú gbogbo ẹni tí ó bá kan pọ́ọ̀tù 80, ẹnu ọ̀nà tí ojú ìwé wẹ́ẹ̀bù máa ń gbà, lọ bá 192.168.1.20.

A pàṣẹ náà, síbẹ̀ kò sí àyípadà. Odindi ọjọ́ méjì ni mo fi ń tú ètò ààbò `ufw` orí sáfà wò, bẹ́ẹ̀ ibi tí ó yẹ kí n kọ́kọ́ wò ni ojú ìwé `Status` ráútà. Ohun tí ó wà níwájú `WAN IP` níbẹ̀, ìyẹn àdírẹ́sì ráútà ní ìhà ìta, ni 100.72.14.9. Mo wá tẹ èyí lórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì, kí n lè mọ àdírẹ́sì tí ará ìta ń rí:

```
curl ifconfig.me
```

Àdírẹ́sì mìíràn ló jáde. Bí méjèèjì kò bá ti bára mu báyìí, ẹ̀rọ mìíràn tún wà níwájú ráútà wa.

Àdírẹ́sì IPv4 kò ju bíi bílíọ̀nù 4.3 lọ, àpò àgbáyé tí wọ́n ti ń pín in sì gbẹ ní oṣù kejì ọdún 2011. Ni àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ta íńtánẹ́ẹ̀tì bá ń kó ọ̀pọ̀ oníbàárà sẹ́yìn àdírẹ́sì kan ṣoṣo. Ní 2012 ni wọ́n ya 100.64.0.0 títí dé 100.127.255.255 sọ́tọ̀ fún irú àjọlò yìí, èyí tí a ń pè ní `CGNAT`. Àdírẹ́sì ráútà wa bọ́ sáàárín rẹ̀ gan-an. Bí tiyín bá jẹ́ 192.168, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ráútà mìíràn ni wọ́n so mọ́ ọn nínú ọ́fíìsì yín fúnra yín.

Ó dà bí ìgbà tí a bá sọ fún ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé wa pé kí ó jẹ́ kí àlejò wọlé, tí ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì àdúgbò, tí kì í ṣe àwa la gbà á síṣẹ́, ti dá àlejò náà padà. Àṣẹ tí a pa fún ráútà kò lábùkù kankan. Kò sí ẹni tí ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni.

Ọ̀nà kan ni kí a béèrè àdírẹ́sì gbangba ti ara wa lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ náà, owó sì sábà máa ń wà lórí rẹ̀. Tiwa kò ní in láti fún wa. A wá yá sáfà kékeré kan tí ó ní àdírẹ́sì gbangba lóde, a sì jẹ́ kí sáfà ọ́fíìsì fúnra rẹ̀ jáde lọ bá a, nítorí pé ìjáde kò ní ìdènà. Ẹni tí ó bá kan pọ́ọ̀tù 8080 lórí sáfà tí a yá ni àṣẹ yìí yóò mú dé pọ́ọ̀tù 80 ti sáfà ọ́fíìsì. (203.0.113.25 jẹ́ àdírẹ́sì àpẹẹrẹ.)

```
ssh -N -o ServerAliveInterval=30 \
  -R 8080:localhost:80 olumulo@203.0.113.25
```

`ServerAliveInterval` ni ó ń mú kí sáfà máa fọhùn ní ìṣẹ́jú àáyá 30-30, torí pé ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì a máa pa àkọsílẹ̀ ẹni tí ó bá dákẹ́ pẹ́ rẹ́. Lórí sáfà tí a yá, a kọ `GatewayPorts yes` sínú `sshd_config`, a sì tún `sshd` tàn. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ yẹn nìkan ni 8080 yóò ṣí sílẹ̀ fún.

Mo pa Wáífáì fóònù mi, mo fi dátà dán an wò, ojú ìwé náà sì yọ. Ṣùgbọ́n bí ó ti yọ fún mi ni yóò yọ fún ẹnikẹ́ni láyé yìí tí ó bá kan pọ́ọ̀tù náà, nítorí náà mo kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé sí i kí n tó fi àdírẹ́sì ránṣẹ́ sí ọ̀gá.