Bí fọ́tò ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan ṣe ń di káàdì géèmù mọ́kànlá

Nínú fọ́tò ẹgbẹ́, ẹni mẹ́fà sábà máa ń dúró lẹ́yìn, márùn-ún á lóṣòó síwájú. Ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ wà. Èjìká ẹnì kan ti bo ti ẹnì kejì, orí àwọn tó wà níwájú sì tóbi ju ti àwọn tó wà lẹ́yìn lọ, torí pé wọ́n sún mọ́ kámẹ́rà. Tí a bá kàn gé wọn lẹ̀ mọ́ férémù bẹ́ẹ̀, àwọn káàdì náà kò ní jọ ọmọ ìyá kan náà.

Káàdì tó jẹ́ mílímítà 63 sí 88 nílò nǹkan bíi píksẹ́lì 744 sí 1,039 kó tó lè mọ́ kedere lórí ìwé. Ká ní a fẹ́ kí orí gbogbo wọn ga tó píksẹ́lì 300, láti àgbọ̀n dé àtàrí. Nínú fọ́tò tó fẹ̀ tó píksẹ́lì 4,000, orí ẹni tó lóṣòó lè jẹ́ 300, ti ẹni tó dúró á jẹ́ 250. Ti ẹ̀yìn nìkan la ó sọ di ìlọ́po 1.2. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi fọ́tò náà ránṣẹ́ lórí fóònù, tó sì súnkì di 1,600, orí 250 yẹn ti di 100 nìyẹn. Fífà tí a bá fà á dé 300 ló máa sọ ojú di bàìbàì. Ojúlówó fọ́tò ni kí a gbà lọ́wọ́ ẹni tó yà á.

Èjìká tó sọnù ńkọ́? A lè da èjìká kejì kọ, ká yí i padà bíi ti inú dígí. Apá àti èjìká nìkan ni o, kó má dé àyà. Bí a bá rí báàjì ẹgbẹ́ lápá méjèèjì aṣọ, a ti gé kọjá àlà.

Ìpele mẹ́ta tí ìwọ̀n wọn dọ́gba la ó wá tò léra: àwọ̀ ìsàlẹ̀, ènìyàn, lẹ́yìn náà férémù tí àárín rẹ̀ ṣófo. Férémù ló ń wà lókè, kó lè bo ibi tí a ti gé àyà. Àṣẹ tí a ó fún ètò ImageMagick láti tò wọ́n léra nìyí:

```
magick isale.png eniyan.png -composite feremu.png -composite kaadi.png
```

Ó wá ku nọ́ńbà. Káàdì géèmù FIFA, tó ti ń jẹ́ EA Sports FC láti ọdún 2023, máa ń ní mẹ́fà: PAC fún eré sísá, SHO fún gbígbá bọ́ọ̀lù sójú ilé, PAS fún fífi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́, DRI fún bíbá bọ́ọ̀lù rìn, DEF fún dídáàbò bo ẹ̀yìn, PHY fún agbára. Nọ́ńbà ńlá tó wà lókè kì í ṣe àròpọ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí a fi mẹ́fà pín. Wo agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn kan tó ní PAC 62, SHO 35, PAS 58, DRI 55, DEF 80, PHY 78. Pípín lásán á fún un ní 61, ìyà ńlá sì nìyẹn jẹ́ fún ẹni tí kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láti gbá bọ́ọ̀lù sílé. Tí a bá fún DEF ní ìdá 50 nínú 100, PHY ní 30, PAC àti PAS ní 10 ẹnìkọ̀ọ̀kan, yóò jẹ́ 40 + 23.4 + 6.2 + 5.8, ìyẹn 75. Ti aṣọ́lé yàtọ̀ pátápátá: DIV, HAN, KIC, REF, SPD àti POS ni wọ́n ń kọ sí tirẹ̀.