Ẹ̀ ń sùn dáadáa, àárẹ̀ ò sì lọ? Ẹ bi ẹni tó ń sùn tì yín

Àwọn kan wà tó ń sùn wákàtí mẹ́jọ, mẹ́sàn-án, síbẹ̀ àárẹ̀ ni wọ́n ń bá jí. Lọ́dọ̀ wa ní Èkìtì níbí, kẹ́míìsì ni wọ́n máa kọ́kọ́ lọ, wọ́n á ní kí wọ́n fún àwọn ní oògùn ẹ̀jẹ̀, wọ́n á mu ún lóṣù lóṣù, kò ní sí ìyàtọ̀, wọ́n á tún wá fi oògùn ibà kún un. Oògùn ẹ̀jẹ̀ dáa o, àmọ́ ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ò tó ló wà fún, tẹ́ẹ̀sì ló sì máa sọ ìyẹn fún wa.

Ọkùnrin kan wá sí kílíníìkì wa, dírẹ́bà bọ́ọ̀sì ni láàárín Adó àti Àkúrẹ́, ẹni ọdún 46, ó sanra díẹ̀, ó sì ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí kò fi bẹ́ẹ̀ ràn án. Ó ní, "Dókítà, láti aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni mo ti ń sùn, aago mẹ́fà ni mò ń jí, àmọ́ kí n tó dé Ìkẹ́rẹ́ oorun á ti máa kùn mí." Ẹ̀rù bà mí gan-an, torí èrò ló ń gbé.

A yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò, PCV ẹ̀, tó ń fi bí ẹ̀jẹ̀ ṣe tó lára hàn, jẹ́ 43. Ọkùnrin tó bá ti ní tó 39, obìnrin tó bá ti ní tó 36, ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ tó nìyẹn. Ká ní ó kéré ni, a ò ní kàn fún un ní oògùn ká ní ó dìgbóṣe, a máa wá ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà lọ: nǹkan oṣù tó ń pọ̀ jù, ìju, ọgbẹ́ inú, tàbí aràn. A tún ṣe TSH, tó ń fi bí táírọ́ìdì tó wà níwájú ọ̀fun ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn. Bó bá ń lọ́ra, òtútù máa ń mú èèyàn ju ẹlòmíì lọ, ìgbẹ́ á le, awọ á gbẹ, ara á máa sanra láìjẹun jù. Tiẹ̀ dáa.

Mo wá bi í bóyá láti bí ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn inú ẹ̀ ń bàjẹ́ ní ọ̀pọ̀ ọjọ́, tàbí ohun tó máa ń gbádùn tẹ́lẹ̀ ò wù ú mọ́. Ó ní rárá. Ẹ má fojú kéré ìbéèrè yìí o, torí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn kì í fìgbà gbogbo wá pẹ̀lú ẹkún, àárẹ̀ nìkan ni ẹlòmíì máa rí, ẹni tí ikú bá sì ti ń wù kó wá rí wa lọ́jọ́ náà gan-an.

Ó wá ku ìbéèrè kan tí òun fúnra ẹ̀ ò lè dáhùn, ni mo bá ní kó mú ìyàwó ẹ̀ wá. Màmá yẹn ní, "Dókítà, wọ́n máa ń hanrun débi pé àwọn ọmọ ń gbọ́ ní pálọ̀, àmọ́ kì í ṣe ìyẹn ló ń dẹ́rù bà mí. Wọ́n á dákẹ́ lójijì, àyà wọn á máa gbé, èémí ò ní jáde, wọ́n á wá mí kanlẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọrí lódò." Wọ́n ti gbàdúrà lórí ẹ̀ títí, wọ́n rò pé ẹnì kan ló ń fún un lọ́rùn lójú oorun.

Ẹran ọ̀fun tó ń dẹ̀ jù téèyàn bá ti sùn ló ń dí ọ̀nà èémí. Afẹ́fẹ́ ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ á lọ sílẹ̀, ọpọlọ á ta á jí fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ọ̀nà á là, á tún sùn, kò ní mọ̀ rárá pé òun jí. Tí èémí bá ń dúró tàbí kéré jọjọ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá ó kéré tán, nígbà márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín wákàtí kan, àìsàn tí wọ́n ń pè ní sleep apnea nìyẹn, tó bá sì ti tó 30 ó ti le gan-an. Ìdí nìyẹn tí oorun wákàtí mẹ́sàn-án ò fi jẹ́ kí ara ẹ̀ sinmi. Orí tó ń fọ́ láàárọ̀, ẹnu gbígbẹ, títọ̀ lóru, ẹ̀jẹ̀ ríru tí ò gbọ́ oògùn, gbogbo ẹ̀ ló bá a mu. Mo fi tépù wọn ọrùn ẹ̀, ó lé ní íńṣì 17, tó jẹ́ ààlà tá à ń wò fún ọkùnrin (obìnrin, 16). Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń hanrun ló ní in o, ẹni tínrín náà sì lè ní in.

Tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n fi ń ka èémí lóru ló ń fìdí ẹ̀ múlẹ̀, kì í ṣe gbogbo ọsibítù ló ní in, torí náà ẹ ní kí dókítà yín kọ̀wé fún yín lọ sí ọsibítù ńlá. Tiẹ̀ jáde sí ìgbà 34 láàárín wákàtí kan. Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí imú téèyàn bá ń sùn ni ìwòsàn tó dájú jù fún irú tiẹ̀, owó ẹ̀ ò kéré, ó sì nílò iná. Kó tó rí i rà, a ní kó máa fẹ̀gbẹ́ sùn, kó má mu ẹmu tàbí ògógóró lálẹ́, kó jù oògùn oorun tó ń lò nù torí ó ń jẹ́ kí ọ̀fun túbọ̀ dẹ̀, kó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dín ara kù. A ní kó má wakọ̀ rárá títí oorun ọ̀sán á fi lọ, ó dùn ún, àmọ́ ó gbà, àbúrò ẹ̀ ló ń bá a wà á.

Tẹ́ ẹ bá fura sí ẹnì kan nílé, ẹ fi fóònù gba ohùn ẹ̀ sílẹ̀ nígbà tó bá sùn wọra, ẹ jẹ́ kó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kẹ́ ẹ mú un dání wá sí kílíníìkì pẹ̀lú ìwé oògùn tó ń lò.