Bí ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú 48 ṣe ń di ojú ìwé kan

Ká ní obìnrin kan ń fi ẹ̀rọ pí-ó-ẹ́ẹ̀sì sanwó fún èèyàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọjà Ìpàtà ní Ìlọrin. Àwọn tó ṣe áàpù inú ẹ̀rọ náà rán ẹnì kan sí i kó lọ béèrè bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Obìnrin náà gbà kí wọ́n gba ohùn òun sílẹ̀, wọ́n sì sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú 48. Àwọn tó máa tún áàpù ṣe ò ní ráyè gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ojú ìwé kan ni wọ́n máa kà. Ohun mẹ́ta ni wọ́n ń wá níbẹ̀: ibi tí iṣẹ́ ti ń ni obìnrin yìí lára, ọgbọ́n tó ń dá sí i kí ọjà má baà dúró, àti ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu rẹ̀ jáde gan-an.

Lẹ́ẹ̀kíní, gbígbọ́ nìkan ni, láìkọ nǹkan kan. Ẹni tó bá mú bírò dání lójú ẹsẹ̀, ohun tó ti wà lọ́kàn rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló máa kọ. Lẹ́ẹ̀kejì ni wọ́n á máa dá ohùn náà dúró, tí wọ́n á sì máa kọ kókó ọ̀rọ̀ kan sórí ìlà kan, pẹ̀lú ìṣẹ́jú tó ti jáde níwájú rẹ̀.

Ibẹ̀ ni Ìlọrin ti máa ń mú àlejò. Wọ́n bi obìnrin náà pé, "Ṣé áàpù yìí ń ṣe dáadáa fún yín?" Ó ní, "Alihamudulilai, kò sí wàhálà." Ẹni tó bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé inú rẹ̀ dùn sí áàpù ti ṣì í kọ. Ọpẹ́ ló dá, ó sì yẹ́ àlejò sí. Kò tíì sọ ohunkóhun nípa áàpù. Ìtàn ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sí i ló ṣeé gbé wá sójú ìwé.

Ìtàn náà wà ní ìṣẹ́jú 23, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sọnù, torí ìró ìwé tí wọ́n ń ṣí ló ṣáájú rẹ̀. Ẹni tó ń bi í léèrè ní, "Ìwé wo nìyẹn, ẹ̀gbọ́n?" Ọ̀rọ̀ bá ya. Oníbàárà kan fẹ́ gba ₦10,000. Ẹ̀rọ kọ DECLINED, àmọ́ àláàtì dún lórí fóònù oníbàárà pé owó ti kúrò. Oníbàárà ò lọ, ó ń pariwo. Látìgbà yẹn, bó bá ti ṣẹlẹ̀, obìnrin náà á kọ iye owó, aago, nọ́ńbà fóònù àti nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lára káàdì sínú ìwé. Kí ló dé tí kò kàn tọ́jú rìsíìtì? Kì í ṣe yíǹkì ni ẹ̀rọ yẹn fi ń kọ̀wé, ooru ni, oòrùn ọjà sì máa ń pa á rẹ́.

Kò pe ìwé yìí ní ìṣòro rárá; lójú tiẹ̀, ara iṣẹ́ ni. Ohun tó sì jẹ́ kó níye lórí nìyẹn. Èèyàn lè ráhùn kó má ṣe nǹkan kan sí i, àmọ́ ẹni tó ń fọwọ́ kọ̀wé ní gbogbo ìgbà ti fi iṣẹ́ sanwó fún ìṣòro náà.

Ní ìṣẹ́jú 31 ó ní, "Ẹ bá wa fi bọ́tìnì síbẹ̀ ká lè máa fi pe báńkì." Ẹ̀bẹ̀ nìyẹn, ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń kọ ọ́ sí. Ìṣòro abẹ́ rẹ̀ ni pé kò ní ohun tó lè nawọ́ sí oníbàárà pé, wò ó, owó ò wọlé sọ́dọ̀ mi. Bọ́tìnì lè má yanjú ìyẹn.

Lójú ìwé, ó máa rí báyìí:

Olùdáhùn 4. Ìṣòro: bí owó bá há, kò ní ẹ̀rí tó lè fi han oníbàárà (23). Bó ṣe ń dọ́gbọ́n sí i: ó ń fọwọ́ kọ ọ́ sínú ìwé (24). Ó ní: "Èmi kọ́ ni báńkì, ṣùgbọ́n ojú mi ni wọ́n ń wò" (26).

Bó ṣe sọ ọ́ ni wọ́n ń kọ ọ́, láìdán an. Bí ẹnì kan nínú àwọn tó máa kà á ò bá gbọ́ Yorùbá, ìtumọ̀ á wà lábẹ́, wọ́n á sì sọ pé ìtumọ̀ ni. Ọ̀rọ̀ tó dùn yìí léwu o: lẹ́yìn rẹ̀, ní ìṣẹ́jú 27, obìnrin náà fi kún un pé kì í ṣe ojoojúmọ́, bí ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni. Bí wọ́n bá yọ ìyẹn kúrò, àwọn tó ń kà á á rò pé ọjà dà rú pátápátá. Wọn ò sì gbọ́dọ̀ kọ "àwọn oní-pí-ó-ẹ́ẹ̀sì". Ẹnì kan ṣoṣo ló sọ̀rọ̀.

Níbi tó ti ń júwe ìwé rẹ̀, ó ka nọ́ńbà fóònù oníbàárà kan sókè. Orúkọ obìnrin náà ti di Olùdáhùn 4, àmọ́ nọ́ńbà yẹn ṣì wà nínú ohùn. Ó yẹ kí wọ́n gé e kúrò nínú ohùn àti nínú ọ̀rọ̀ tí wọ́n tẹ̀, kó tó di pé fáìlì náà kúrò lọ́wọ́ ẹni tó gbà á sílẹ̀.