Sẹ́lífì, Ìmọ́lẹ̀ àti Ṣéèdì Fọ́ńdéṣọ̀n: Bí A Ṣe Ń Mọ Àwọ̀ Ara Láti Inú Fọ́tò

Ẹ jẹ́ ká mú obìnrin kan ní Ìbàdàn, tí ìgbéyàwó rẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí ẹni tí yóò ṣe mékọ́ọ̀pù fún un sì wà ní Èkó. Ẹni yìí fẹ́ ra fọ́ńdéṣọ̀n sílẹ̀ kí ọjọ́ tó pé, nítorí náà ó ní kí ìyàwó fi sẹ́lífì ránṣẹ́, ìyàwó sì fi mẹ́ta ránṣẹ́. Èyí tó yà nínú yàrá lálẹ́, lábẹ́ gílóòbù tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pọ́n, fi í hàn bí apọ́nbéporẹ́. Èyí tó yà níbi iṣẹ́, lábẹ́ ọ̀pá iná funfun tó wà lára àjà, mú kí ojú rẹ̀ dà bí èyí tí wọ́n fi eérú pa. Èyí tó yà lẹ́bàá fèrèsé láago mẹ́wàá òwúrọ̀ fi í hàn ní adúmáadán. Ojú kan náà ni, fóònù kan náà ni, ṣùgbọ́n bí ẹni tó wà ní Èkó bá wo fọ́tò kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ìgò mẹ́ta tí kò jọra ni yóò rà.

Láti mọ ohun tó fà á, ó yẹ kí á kọ́kọ́ mọ ohun tí ṣéèdì jẹ́. Nǹkan méjì ló pín ṣéèdì kan níyà sí òmíràn. Àkọ́kọ́ ni bí ó ṣe dúdú tó tàbí bí ó ṣe mọ́lẹ̀ tó. Èkejì ni àwọ̀ tó fara sin sábẹ́ ara, ìyẹn bí ara bá fà sí ìyeyè, tàbí sí pupa, tàbí tó wà láàárín méjèèjì. Èròjà mẹ́rin ni wọ́n sábà máa ń pò pọ̀ láti rí gbogbo èyí: ẹ̀bù ìpẹtà irin tó pupa, èyí tó jẹ́ ìyeyè, èyí tó dúdú, àti ẹ̀bù funfun tí wọ́n ń pè ní taitáníọ̀mù dàíọ́sáìdì. Ṣéèdì méjì lè dúdú bákan náà kó jẹ́ pé ìwọ̀n ẹ̀bù pupa àti ẹ̀bù ìyeyè nìkan ló yàtọ̀ nínú wọn, ìyàtọ̀ kékeré yẹn sì ni ojú ènìyàn máa ń rí níbi tí àgbọ̀n ti pàdé ọrùn. Ìwọ̀n yìí gan-an ni ìmọ́lẹ̀ máa ń dà rú nínú fọ́tò.

Ìmọ́lẹ̀ ní àwọ̀ tirẹ̀, ìwọ̀n tí wọ́n fi ń sọ àwọ̀ náà sì ni Kẹ́lífìnì. Gílóòbù àtijọ́ onírin tó máa ń gbóná wà ní nǹkan bí 2700, ó sì pọ́n. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ọ̀sán gangan wà ní nǹkan bí 5500. Abẹ́ ibòji, níbi tí ó jẹ́ pé ojú ọ̀run nìkan ló ń tan ìmọ́lẹ̀ síni lára, máa ń kọjá 7000, ó sì fà sí àwọ̀ aró. Ènìyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n lára, nítorí pé láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ojú àti ọpọlọ máa ń bá ìmọ́lẹ̀ tó wà nílẹ̀ mu, tí bébà funfun yóò sì máa jẹ́ funfun lójú ẹni yálà lábẹ́ gílóòbù tàbí níta. Kámẹ́rà kò ní irú ọpọlọ bẹ́ẹ̀. Àfi kó méfò.

Ọ̀nà tó fi ń méfò ni ó yẹ kí ẹni tó bá ń ti inú sẹ́lífì yan ṣéèdì mọ̀ dáadáa. Ọ̀nà kan tó ti pẹ́ tó sì rọrùn ni pé kámẹ́rà máa ń gbà pé bí a bá po gbogbo àwọ̀ inú fọ́tò pọ̀, ó yẹ kí ó já sí àwọ̀ eérú. Bí àpapọ̀ náà bá pọ́n, kámẹ́rà á rò pé ìmọ́lẹ̀ ló pọ́n, á sì fi àwọ̀ aró kún gbogbo fọ́tò láti dín in kù. Wàyí o, nínú sẹ́lífì, ojú ènìyàn ló máa ń gba ibi tó pọ̀ jù, àwọ̀ ara wa sì pọ́n díẹ̀ fúnra rẹ̀. Kámẹ́rà wá ń fi ẹ̀bi àwọ̀ ara kan ìmọ́lẹ̀. Bí obìnrin yìí bá sún fóònù mọ́ ojú rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ á tutù, á fẹ́ dà bí eérú. Bí ó bá na ọwọ́ jìnnà tí ògiri funfun sì pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, àwọ̀ náà á tún padà pọ́n, láìjẹ́ pé ó kúrò lójú fèrèsé. Gèlè aláwọ̀ iyùn tàbí aṣọ ẹbí aláwọ̀ ewé lè fa irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ní ọ̀nà méjì: wọ́n ń ṣi kámẹ́rà lọ́nà, wọ́n sì tún ń ta àwọ̀ tiwọn sí abẹ́ àgbọ̀n. Àwọn fóònù ìwòyí máa ń dá ojú ènìyàn mọ̀, èyí sì ti dín àṣìṣe yìí kù, kò mú un kúrò tán.

Bí kámẹ́rà ṣe ń méfò àwọ̀ náà ló ń méfò bí fọ́tò yóò ṣe mọ́lẹ̀ tó. Ó máa ń fẹ́ kí fọ́tò wà ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, nítorí náà ojú adúmáadán tó bá kún inú fọ́tò á mọ́lẹ̀ ju bí ó ti rí lọ, nígbà tí ojú kan náà níwájú ògiri funfun tàbí fèrèsé á ṣókùnkùn. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òní. Nígbà fọ́tò onífíìmù, káàdì tí Kodak máa ń fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń fọ fọ́tò kí wọ́n lè mọ àwọ̀ tó péye, tí wọ́n ń pè ní káàdì Shirley, àwòrán obìnrin aláwọ̀ funfun ló wà lórí rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọ̀ ara aláwọ̀ dúdú kò sí lára ohun tí wọ́n fi ń díwọ̀n, ìyà rẹ̀ sì jẹ àwọn ènìyàn wa nínú ọ̀pọ̀ fọ́tò àtijọ́.

Ohun tó ń gbani lọ́wọ́ èfò kámẹ́rà ni kí ohun kan tí a mọ àwọ̀ rẹ̀ wà nínú fọ́tò kan náà pẹ̀lú ojú. Bébà funfun tó. Kí ìyàwó pa gbogbo ohun tó ń dán ojú tàbí tó ń mú un mọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà iwájú, kí ó nu ojú rẹ̀ mọ́ kúrò nínú àtíkè àti òróró, kí ó di bébà mú lábẹ́ àgbọ̀n, kí bébà náà sì kọjú síbi tí ojú rẹ̀ kọ sí, kí òjìji orí rẹ̀ má ṣe bọ́ sórí bébà. Lẹ́yìn èyí, ẹni tó wà ní Èkó lè fi áàpù tó ń ka àwọ̀ inú fọ́tò wo nọ́ńbà R, G àti B, ìyẹn ìwọ̀n pupa, àwọ̀ ewé àti àwọ̀ aró, láti 0 dé 255, lára bébà àti lára ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ká sọ pé nínú fọ́tò ẹ̀bá fèrèsé, bébà jẹ́ 214, 218, 226, ẹ̀rẹ̀kẹ́ sì jẹ́ 124, 87, 68. Nínú fọ́tò abẹ́ gílóòbù, bébà jẹ́ 236, 196, 142, ẹ̀rẹ̀kẹ́ sì jẹ́ 137, 78, 43. Bí a bá fi ojú wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì, wọn kò jọ ara ènìyàn kan náà rárá. Ṣùgbọ́n tí a bá pín nọ́ńbà ẹ̀rẹ̀kẹ́ sí ti bébà tó wà nínú fọ́tò tirẹ̀, àwọn méjèèjì á fún wa ní nǹkan bí 58, 40 àti 30 nínú 100. Ìmọ́lẹ̀ ti bọ́ kúrò nínú ìṣirò nìyẹn, ara nìkan ló kù. Ẹni tí kò bá fẹ́ ṣe ìṣirò lè lo White Balance nínú áàpù Snapseed, kí ó fi àmì tó ń mú àwọ̀ lé orí bébà, kí fọ́tò tún ara rẹ̀ ṣe. Àwọ̀ nìkan ni èyí sì ń tún ṣe, kì í tún bí fọ́tò ṣe mọ́lẹ̀ tó ṣe.

Bí nọ́ńbà kankan lára bébà bá ti di 255, kí á da fọ́tò náà nù, nítorí ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ ju ohun tí kámẹ́rà lè gbà lọ, a kò sì lè mọ bí ó ṣe pọ̀ tó. Bébà ọ́fíìsì pẹ̀lú ní àbùkù díẹ̀: wọ́n máa ń fi èròjà kan sí i tó ń jẹ́ kó mọ́ yanranyanran nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn, èyí sì ń mú un fà sí àwọ̀ aró díẹ̀, kò tó nǹkan tó lè sọ ṣéèdì di òmíràn.

Fọ́tò kẹta, ti ibi iṣẹ́, ni bébà kò lè gbà là. Ká sọ pé bébà ibẹ̀ jẹ́ 205, 214, 205, ẹ̀rẹ̀kẹ́ sì jẹ́ 109, 86, 64. Ìpín rẹ̀ á jẹ́ 53, 40 àti 31: pupa ti dín kù. Ohun tó fà á ni pé ọ̀pọ̀ ọ̀pá iná àti gílóòbù tí kò dára kì í ní pupa jíjinlẹ̀ tó nínú ìmọ́lẹ̀ wọn, inú pupa jíjinlẹ̀ yẹn sì ni ara ènìyàn ti máa ń dá ìmọ́lẹ̀ padà jù. Bébà kò fi bẹ́ẹ̀ mọ àdánù náà lára, ara ló mọ̀ ọ́n. Ìmọ́lẹ̀ tí kò balẹ̀ sára kò lè ti inú fọ́tò padà wá, bó ti wù kí ènìyàn tún un ṣe tó. Ẹni tó bá gbára lé fọ́tò yìí á ra ṣéèdì tí pupa rẹ̀ kéré, ojú ìyàwó á sì dà bí eérú lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Àmì tí a fi ń dá irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ mọ̀ ni kí bébà funfun dáadáa nígbà tí ètè àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ṣá.

Bí a bá ti ní ìpín tó ṣeé gbára lé, kò tíì di orúkọ ìgò, nítorí fóònù kọ̀ọ̀kan ní ọwọ́ tó fi ń po àwọ̀. Ẹni tó wà ní Èkó ní láti fi ṣéèdì mẹ́ta tó ń rò kùn orí bébà funfun, kí ó nípọn tó tí bébà kò fi ní hàn lábẹ́ rẹ̀, kí ó yà á lẹ́bàá fèrèsé, kí ó sì ṣe ìpín kan náà. Fóònù irú kan náà pẹ̀lú ti ìyàwó ló dára jù. Èyí tó bá já sí nǹkan bí 58, 40 àti 30 ló sún mọ́ jù. Èyí tó bá já sí 58, 41 àti 25 dúdú bákan náà, ṣùgbọ́n ìyeyè rẹ̀ pọ̀ jù. Bí ó bá jẹ́ ojú nìkan ló fẹ́ fi wò ó lórí fóònù, kí ó kọ́kọ́ pa Night Shift, True Tone tàbí Eye Comfort Shield, nítorí àwọn wọ̀nyí ń yí àwọ̀ ohun gbogbo tó wà lójú fóònù padà.

Mo gbà pé títí dé ibí yìí, iṣẹ́ sẹ́lífì ni láti dín ogójì ṣéèdì kù sí méjì tàbí mẹ́ta. Kí ẹni tó wà ní Èkó bu díẹ̀díẹ̀ nínú ìwọ̀nyí sínú ike kéékèèké, kí ó fi ránṣẹ́ sí Ìbàdàn. Kí ìyàwó fa ìlà mẹ́ta láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọjá àgbọ̀n dé ọrùn, kí ó sì dúró fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, nítorí ọ̀pọ̀ fọ́ńdéṣọ̀n máa ń ṣókùnkùn díẹ̀ bí ó bá ti gbẹ tí òróró ara sì ti bá a pò. Lẹ́yìn náà ni kí ó ya sẹ́lífì lẹ́bàá fèrèsé, kí ó tún ya òmíràn lábẹ́ iná gbọ̀ngàn tí wọn yóò lò lọ́jọ́ náà. Ìlà àti ara ti wà lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ kan náà nínú fọ́tò kan náà, nítorí náà a kò nílò nọ́ńbà mọ́: ìlà tí a bá wá tì nínú fọ́tò méjèèjì ni ṣéèdì rẹ̀, èyí tó bá sì pòórá lẹ́bàá fèrèsé ṣùgbọ́n tó yọ lábẹ́ iná gbọ̀ngàn ni kí wọ́n fi sílẹ̀.