tan tàbí sec: èwo ni ká pè ní u?

Ẹ wo ∫ tan³x sec³x dx. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ á ti kọ u = tan x kí wọ́n tó wo ohun tó wà níwájú wọn. du á wá di sec²x dx, wọ́n á yọ sec² kúrò nínú sec³, sec x kan ṣoṣo á sì ṣẹ́ kù. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti dúró.

Ìdí rẹ̀ ni pé ohun kan ṣoṣo la fi ń yí ọ̀kan padà sí èkejì: sec²x = 1 + tan²x. Méjì-méjì ló ń gbé wọn. Sec tó bá dá wà kò ní yí padà àfi tí ẹ bá kọ ọ́ bíi √(1 + u²), ìyẹn sì le ju ìbéèrè tí ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lọ.

Ẹ wá gbìyànjú u = sec x. du jẹ́ sec x tan x dx, nítorí náà ẹ yọ sec kan àti tan kan sẹ́yìn fún un. Ohun tó kù ni tan²x sec²x. tan² á di u² − 1:

∫ (u² − 1)u² du = u⁵/5 − u³/3 + C

Ẹ dá sec x padà sí ipò u, ó ti parí.

Ẹ rí i pé ohun tó bá kù lẹ́yìn tí a ti yọ du ló ń pinnu. Bí agbára sec bá jẹ́ 2, 4 tàbí 6, ẹ mú tan. Bí agbára tan bá jẹ́ 1, 3 tàbí 5, tí sec sì wà níbẹ̀, ẹ mú sec. Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn ṣe pàtàkì: ∫ tan³x dx kò ní sec tí ẹ lè yọ. Ẹ kọ ọ́ bíi tan x(sec²x − 1), ẹ ó rí tan²x/2 + ln|cos x| + C.

Nígbà míì ọ̀nà méjèèjì ṣí sílẹ̀. Fún tan³x sec⁴x, u = tan x fún wa ní tan⁶x/6 + tan⁴x/4; u = sec x fún wa ní sec⁶x/6 − sec⁴x/4. Ẹ má pa ọ̀kan rẹ́ nítorí pé kò jọ ti ẹ̀yìn ìwé. Ẹ fi 1 + tan²x sí ipò sec²x, ẹ ó rí i pé 1/12 péré ni wọ́n fi yàtọ̀, C sì ti gba ìyẹn mọ́ra.

Èyí tí kò sí ìfidípò fún nínú méjèèjì ni tan²x sec x. Ẹ sọ ọ́ di sec³x − sec x, kí ẹ sì ṣe sec³ ní apá-apá: ½(sec x tan x + ln|sec x + tan x|). Bí ẹ bá yọ ln|sec x + tan x|, tó jẹ́ ti sec x, kúrò nínú rẹ̀, ½(sec x tan x − ln|sec x + tan x|) + C ló kù.