Yàrá 3 ti ilé wo? Ẹ́ńtítì aláìlágbára nínú àwòrán dátábéèsì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ sà. Mò ń ya àwòrán dátábéèsì fún bàbá onílé kan níbí ní Abẹ́òkúta. Olùkọ́ wa sọ pé ilé jẹ́ ẹ́ńtítì alágbára, ìyẹn ohun kan tí à ń tọ́jú àkọsílẹ̀ rẹ̀, pé aláìlágbára ni yàrá. Ṣebí yàrá ní nọ́ńbà tirẹ̀ lára ilẹ̀kùn? Kí ló tún kù tí kò ní? Iṣẹ́ wo sì ni dáyámọ́ǹdì onílà méjì tó wà láàárín ilé àti yàrá nínú àwòrán ń ṣe?

Ìdáhùn: Nọ́ńbà ara ilẹ̀kùn yẹn gan-an ni ká yẹ̀ wò. Ká ní bàbá yìí ní ilé oníyàrá kọjúsíra kan ní Aké, tó tún ní òmíràn ní Láfẹ́ńwá. Ilé méjèèjì ló ní yàrá 1, yàrá 2, yàrá 3. Bí ẹnìkan bá wá sọ fún bàbá pé ẹni tó wà ní yàrá 3 ti sanwó, ohun tí bàbá máa kọ́kọ́ bi í ni pé, “Níbo?” Títí wọ́n á fi dárúkọ ilé, kò sí yàrá kankan tí ọ̀rọ̀ náà mú dání. Ohun tó sọ yàrá di aláìlágbára nìyẹn: nọ́ńbà rẹ̀ ń yà á sọ́tọ̀ láàárín yàrá tí wọ́n jọ wà nínú ilé kan ṣoṣo, kò kọjá ibẹ̀. Ọ̀dọ̀ ilé ló ti ń yá ìyókù ìdánimọ̀ rẹ̀.

Nínú irú àwòrán tí Peter Chen gbé jáde ní 1976, bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ lónìí, àpótí onílà méjì la fi ń ya yàrá, a ó sì fa ìlà alámì-tótòtó sábẹ́ nọ́ńbà rẹ̀, nítorí ààbọ̀ kọ́kọ́rọ́ ni, ìyẹn ààbọ̀ ohun tí a fi ń dá a mọ̀ yàtọ̀. Dáyámọ́ǹdì la fi ń ya àjọṣe láàárín ẹ́ńtítì; èyí tó jẹ́ onílà méjì ló ń tọ́ka sí ibi tí ààbọ̀ kejì ti ń wá. Yàrá lè ní àjọṣe púpọ̀ pẹ̀lú nǹkan mìíràn, àmọ́ èyí tó so ó mọ́ ilé nìkan ló ń fún un ní ìdánimọ̀. Ayálégbé ńkọ́? Dáyámọ́ǹdì onílà kan ló tọ́ sí i, torí bó bá kó kúrò ní yàrá 3 lọ sí yàrá 5, ẹni tó jẹ́ tẹ́lẹ̀ náà ló ṣì jẹ́.

Bó bá di tébù, bó ṣe máa rí rèé:

```sql
CREATE TABLE yara (
  ile_id  CHAR(3) NOT NULL,
  nomba   INT NOT NULL,
  owo     INT,
  PRIMARY KEY (ile_id, nomba),
  FOREIGN KEY (ile_id) REFERENCES ile (ile_id)
    ON DELETE CASCADE
);
```

Ẹni tó bá fi `nomba` nìkan ṣe kọ́kọ́rọ́ kì í pẹ́ mọ̀. Yàrá Aké á wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, àfi bó bá fẹ́ kọ yàrá 3 ti Láfẹ́ńwá sílẹ̀, tí MySQL á kígbe `Duplicate entry '3'`. Àwọn kan á wá sọ yàrá Láfẹ́ńwá di 103 kí ó lè wọlé, ilẹ̀kùn ò sì ní 103 kankan lára. Àtúnṣe burúkú ni.

Àwọn mìíràn á fi `yara_id` kún un, nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ń pín. Mi ò bá wọn jà, ó máa ń mú kí tébù tó tẹ̀lé e rọrùn láti so. Ṣùgbọ́n bí wọn ò bá fi `UNIQUE (ile_id, nomba)` sí i, yàrá 3 méjì á wọlé sínú ilé Aké kan náà, dátábéèsì ò sì ní sọ nǹkan kan.

Ibi tó ti ń rú akẹ́kọ̀ọ́ lójú jù ni pé wọ́n rò pé gbogbo ohun tí kò lè wà láìsí nǹkan mìíràn ni aláìlágbára. Ẹ wo rìsíìtì owó ilé. Kò sí rìsíìtì láìsí yàrá tí wọ́n sanwó rẹ̀, ìlà méjì ló sì yẹ kó so ó mọ́ dáyámọ́ǹdì láti fi hàn pé dandan ni. Síbẹ̀, bí nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára rìsíìtì kò bá jọra láé, ó tó láti fi wá a rí láìbéèrè ilé tàbí yàrá. Àpótí onílà kan ló tọ́ sí i, ẹ́ńtítì alágbára ni.

Ìyàtọ̀ yìí máa ń jáde lọ́jọ́ tí bàbá bá ta ilé Láfẹ́ńwá, tí ẹ sì fẹ́ pa àkọsílẹ̀ rẹ̀ rẹ́ nínú tébù ilé. `ON DELETE CASCADE` á fẹ́ kó gbogbo yàrá ibẹ̀ lọ, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Rìsíìtì kò gbọ́dọ̀ bá a lọ, torí àkọsílẹ̀ owó ni. Ẹ fi `ON DELETE RESTRICT` sí `FOREIGN KEY` tó so rìsíìtì mọ́ yàrá. Bí rìsíìtì kan ṣoṣo bá ṣì wà fún yàrá kan níbẹ̀, dátábéèsì á kọ̀ láti pa ilé náà rẹ́, yàrá kankan ò sì ní lọ. Nígbà náà, òpó kékeré kan tó ń sọ pé wọ́n ti tà á lẹ máa fi sínú tébù ilé.